Èlé Tó Ń Gòkè àti Ààlà Tí Kò Lè Kọjá

Ẹni tí bírò àti ìwé bá wà nítòsí rẹ̀, kó fà wọ́n mọ́ra, nítorí a óò ṣírò díẹ̀ lónìí. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀, kó má ṣèyọnu. Bó bá fara balẹ̀ gbọ́, á bá wa dé ibi tí à ń lọ.

Ká ní ẹnì kan fi ₦1,000 pamọ́ sí ilé ìfowópamọ́ kan tó ń san èlé ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Kò sí ilé ìfowópamọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kàn fẹ́ kí ìṣirò náà rọrùn ni. Bí ọdún bá yí po, ₦1,000 ti bí ₦1,000, gbogbo rẹ̀ di ₦2,000. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n gbà láti máa ṣírò èlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ yóò mú ìdajì èlé wá, owó á di ₦1,500. Ní oṣù mẹ́fà kejì, èlé kò ní wà lórí ₦1,000 mọ́, orí ₦1,500 ló máa wà. Ìdajì ₦1,500 jẹ́ ₦750, àpapọ̀ owó sì di ₦2,250. Èlé orí èlé ló mú ₦250 tó lé yẹn wá.

Ẹni tó ni owó á wá ronú pé bí ẹ̀ẹ̀mejì bá dára, ẹ̀ẹ̀mẹrin á dára jù ú lọ. Òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, owó á di ₦2,441.41. Bó bá jẹ́ oṣooṣù, á di ₦2,613.04. Bó bá jẹ́ ojoojúmọ́, á di ₦2,714.57. Bó bá jẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan, á di ₦2,718.13. Ẹ ṣàkíyèsí bí ó ṣe ń lọ: láti oṣooṣù sí ojoojúmọ́, owó náà fi nǹkan bíi ₦101 lé sí i, ṣùgbọ́n láti ojoojúmọ́ sí wákàtí kọ̀ọ̀kan, kò lé ju ₦3 àti kọ́bọ̀ mélòó kan lọ.

Jakob Bernoulli, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní ìlú Basel ní Siwísáláǹdì, ló gbé ọ̀ràn yìí jáde ní 1690. Ó béèrè pé bí a bá ń pín ọdún sí wẹ́wẹ́ títí, sí ìṣẹ́jú, sí ìṣẹ́jú àáyá, sí èyí tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀, ṣé owó náà á máa pọ̀ láìlópin ni, tàbí yóò dúró síbì kan? Ó rí i pé ẹni tó fi ₦1 pamọ́ (ká fi náírà rọ́pò owó ìgbà tirẹ̀) yóò gbà ju ₦2.50 lọ, kò sì ní gba tó ₦3. Ìbéèrè yẹn la fẹ́ dáhùn lónìí, a ò sì ní fi ojú wò ó nìkan, a máa fẹ̀rí gbè é.

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ṣírò èlé ní ìgbà n lọ́dún, ₦1 yóò di

(1 + 1/n)^n

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ fi ìdá kan nínú n kún 1, kí ẹ sì wá kọ èsì náà sílẹ̀ ní ìgbà n, kí ẹ sọ gbogbo wọn dipúpọ̀. Bí n bá jẹ́ 1, a rí 2. Bó bá jẹ́ 2, a rí 2.25. Bó bá jẹ́ 3, a rí 2.37 àti díẹ̀. Báyìí la ṣe ń rí nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn láìdópin, èyí tí a ó máa pè ní ọ̀wọ́ nọ́ńbà.

Òfin tí gbogbo ọ̀rọ̀ òní dúró lé nìyí: bí ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan bá ń gòkè láìpadà sẹ́yìn, tí nọ́ńbà kan ṣoṣo sì wà tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè kọjá rẹ̀, ọ̀wọ́ náà ní góńgó kan tó ń sún mọ́. Nọ́ńbà tí wọn kò lè kọjá yẹn la ń pè ní ààlà òkè. Ní ti góńgó, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bó ti wù kí àyè tí ẹ bá là yí i ká kéré tó, ìbáà ṣe ìdá kan nínú mílíọ̀nù, ọ̀wọ́ náà yóò wọnú àyè yẹn lọ́jọ́ kan, kò sì ní jáde níbẹ̀ mọ́.

Kí ló mú kí òfin yìí jẹ́ òótọ́? Ẹ wo nọ́ńbà náà bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, apá tó ṣáájú àmì ìdásí kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn tó tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọ̀wọ́ kan ń gòkè, kò sì lè dé 3. Apá tó ṣáájú àmì kò lè máa yí padà láìdópin, torí pé kò lè padà sẹ́yìn, kò sì lè dé 3. Ó di dandan kó dúró síbì kan. Nígbà tó bá ti dúró, ó kan nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì. Mẹ́wàá péré ni ohun tó lè jẹ́, láti 0 dé 9, òun náà kò sì lè lọ sẹ́yìn, ìyẹn ni pé òun náà á dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kan ìkejì, lẹ́yìn rẹ̀ ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó dúró yẹn ni góńgó. Mo fẹ́ràn àlàyé yìí gan-an, nítorí ó fi hàn gbangba ibi tí a ti lo gígòkè àti ibi tí a ti lo ààlà. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì, kò sí ohun tó máa mú kí àwọn nọ́ńbà náà dúró.

Iṣẹ́ wa wá di méjì. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó náà ń gòkè ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe ní ìgbà mẹ́fà tàbí méje tí a ṣírò nìkan. A sì gbọ́dọ̀ rí ààlà kan fún un. Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa ṣe méjèèjì fún wa, ìyẹn sì ni ìdí tí mo fi yan ọ̀nà yìí láàárín àwọn ọ̀nà tó wà.

Irinṣẹ́ náà rèé. Ẹ mú nọ́ńbà méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 10. 2 àti 8, bí a bá sọ wọ́n dipúpọ̀, fún wa ní 16. 4 àti 6 fún wa ní 24. 5 àti 5 fún wa ní 25. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ra ni èsì wọn ń pọ̀ sí i, ó sì pọ̀ jù lọ nígbà tí wọ́n dọ́gba. Òfin náà kan nọ́ńbà mẹ́ta, mẹ́wàá, àti iyekíye tó bá wù yín: bí gbogbo wọn bá ju òdo lọ, tí àròpọ̀ wọn kò sì yí padà, ìgbà tí wọ́n bá dọ́gba ni èsì ìsọdipúpọ̀ wọn máa ń pọ̀ jù lọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò gùn. Ẹ ro àwọn nọ́ńbà náà pọ̀, ẹ pín in dọ́gbadọ́gba, kí ẹ sì pe ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àròpín, A. Bí gbogbo wọn kò bá dọ́gba, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tó kéré sí A, ká pè é ní a, òmíràn sì gbọ́dọ̀ wà tó ju A lọ, ká pè é ní b. Ẹ sọ a di A, kí ẹ sì yọ ohun tí ẹ fi kún un kúrò lára b, kó di a + b − A. Àròpọ̀ wọn kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èsì ìsọdipúpọ̀ wọn:

A(a + b − A) − ab = (A − a)(b − A)

Nọ́ńbà méjèèjì tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún ju òdo lọ, nítorí náà èsì ti pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ yìí, ó kéré tán nọ́ńbà kan sí i ti di A. Ẹ tún un ṣe, òmíràn á tún di A. Kò ní pẹ́ tí gbogbo wọn fi máa di A, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú kí èsì náà pọ̀ sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi irinṣẹ́ yìí fẹ̀rí hàn pé owó náà ń gòkè. Ẹ wo láti ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, à ń sọ 1.5 àti 1.5 dipúpọ̀. Ẹ fi 1 ṣe ìkẹta wọn. Fífi 1 kún un kò yí èsì padà, ó ṣì jẹ́ 2.25. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti di mẹ́ta, 1.5, 1.5 àti 1, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 4, tí àròpín rẹ̀ jẹ́ 4/3. Irinṣẹ́ wa sọ pé mẹ́ta tí kò dọ́gba yìí kò lè mú èsì wá tó mẹ́ta tó dọ́gba. Ìyẹn ni pé 2.25 kéré sí 4/3 tí a kọ lẹ́ẹ̀mẹta, tí a sì sọ dipúpọ̀. Bẹ́ẹ̀, 4/3 jẹ́ 1 + 1/3 gan-an! Owó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yẹn.

Bákan náà ló rí fún n èyíkéyìí. Ẹ kọ 1 + 1/n ní ìgbà n, kí ẹ fi 1 kan tì í. Nọ́ńbà n + 1 la ní, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ n + 1 + 1, ìyẹn n + 2. Àròpín rẹ̀ jẹ́ (n + 2)/(n + 1), tó jẹ́ 1 + 1/(n + 1). Nítorí náà,

(1 + 1/n)^n < (1 + 1/(n + 1))^(n + 1)

Owó náà ń gòkè ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí n kankan tó yàtọ̀ sí èyí.

Ó wá ku ààlà. Níbí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, torí náà n ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà tí kì í débi kankan hàn yín. Akẹ́kọ̀ọ́ á sọ pé 1 + 1/n kò ju 2 lọ láéláé, nítorí náà bí a bá kọ ọ́ ní ìgbà n, èsì rẹ̀ kò lè ju 2^n lọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n kò ṣe wá láǹfààní, nítorí 2^n fúnra rẹ̀ ń sá lọ sókè bí n ṣe ń pọ̀: 2, 4, 8, 16, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ààlà gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dúró síbì kan, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo n. Bí ẹ bá parí ẹ̀rí yín, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún àìdọ́gba náà. Bí n bá ṣì wà níbẹ̀, tó sì lè gbé e sókè, ẹ kò tíì rí ààlà.

Òdìkejì àṣìṣe yẹn tún wà. Ẹlòmíràn á sọ pé 1 + 1/n ń sún mọ́ 1 bí n ṣe ń pọ̀, àti pé 1 tí a sọ dipúpọ̀ ní ìgbà mélòó kan, 1 náà ni. Á wá parí rẹ̀ pé góńgó jẹ́ 1. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé 2 ni ọ̀wọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì padà sẹ́yìn rí. Ohun tó fojú fò ni pé bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ìgbà tí a ń kọ ọ́ ń pọ̀ sí i. Ìjà méjèèjì ló yẹ ká wọ̀n, irinṣẹ́ wa sì lè wọ̀n ọ́n.

Ẹ kọ 1 + 1/n ní ìgbà n gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Dípò 1 tí a fi tì í nígbà yẹn, ẹ fi ìdajì méjì tì í. Nọ́ńbà n + 2 la ní báyìí. Àròpọ̀ wọn ńkọ́? Àwọn ti àkọ́kọ́ jẹ́ n + 1 lápapọ̀, ìdajì méjì jẹ́ 1, gbogbo rẹ̀ jẹ́ n + 2. Nọ́ńbà n + 2, àròpọ̀ n + 2: àròpín wọn jẹ́ 1 géérégé! Bí gbogbo wọn bá jẹ́ 1, èsì wọn á jẹ́ 1. Bí wọn kò ti dọ́gba, èsì wọn kò tó 1. Nítorí náà,

(1 + 1/n)^n × 1/2 × 1/2 < 1

ìyẹn ni pé (1 + 1/n)^n kò lè dé 4 láéláé. Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún: 4 ni, kò sí n níbẹ̀. Ààlà nìyẹn. Bó ti wù kí ilé ìfowópamọ́ pín ọdún wẹ́wẹ́ tó, ₦1,000 kò lè di ₦4,000.

Ẹni tó bá fẹ́ dánwò kó mú n = 4. Nọ́ńbà mẹ́fà ni: 1.25 lẹ́ẹ̀mẹrin, àti ìdajì méjì. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 5 àti 1, ìyẹn 6. Èsì ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 2.4414 tí a pín sí mẹ́rin, nǹkan bíi 0.61, kò sì tó 1.

Bernoulli sọ pé owó náà kò tó 3, ṣùgbọ́n 4 ni àwa rí. Ṣé a lè rẹ ààlà wa sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ná wa ní ohun púpọ̀. Dípò ìdajì méjì, ẹ fi 5/6 mẹ́fà tì í. Àròpọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 5, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ di n + 6, iye nọ́ńbà náà sì jẹ́ n + 6. Àròpín wọn tún jẹ́ 1. Nítorí náà owó wa kò lè dé 6/5 tí a kọ lẹ́ẹ̀mẹfà, ìyẹn (1.2)^6, tó jẹ́ 2.985984. Kò tó 3 lóòótọ́.

Ẹni tó bá ti rí bí a ṣe lo 2 àti 6 á mọ̀ pé a lè lo nọ́ńbà mìíràn. Bí ẹ bá fi 1000/1001 tì í ní ìgbà 1,001, ààlà á di (1.001)^1001, tó jẹ́ 2.7196 àti díẹ̀. Ọ̀wọ́ náà fúnra rẹ̀, nígbà tí n jẹ́ 1,000, jẹ́ (1.001)^1000, tó jẹ́ 2.7169 àti díẹ̀. Ọ̀wọ́ kò lè sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ 2.7169 mọ́ láti ibẹ̀ lọ, kò sì lè kọjá 2.7197. A ti há góńgó mọ́ àyè tóóró kan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí àwọn nọ́ńbà ṣe dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ti sọ níbẹ̀rẹ̀. Apá tó ṣáájú àmì dúró sórí 2 láti ìgbà tí n ti jẹ́ 1. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì di 7 nígbà tí n jẹ́ 74. Ìkejì di 1 nígbà tí n jẹ́ 164. Báwo la ṣe mọ̀ pé 1 yẹn kò ní di 2 lọ́jọ́ iwájú, bóyá nígbà tí n bá di bílíọ̀nù kan? Ààlà ló sọ fún wa: ọ̀wọ́ náà kò lè kọjá 2.7197, nítorí náà kò lè dé 2.72. Ìkẹta di 8 nígbà tí n ti lé ní 4,800. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, a ó máa rí 2.718281828 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tí Leonhard Euler, ọmọ ìlú Basel kan náà, fún ní lẹ́tà e tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. Ẹ ṣàkíyèsí pé ààlà àti góńgó kì í ṣe ohun kan náà. 4 jẹ́ ààlà, 3 jẹ́ ààlà, mílíọ̀nù kan pàápàá jẹ́ ààlà. Góńgó kan ṣoṣo ló wà.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú pẹ̀lú ẹ̀rí, nígbà tí a ti fojú rí i pé owó náà kò fi bẹ́ẹ̀ lé mọ́. Ìdáhùn mi ni ọ̀wọ́ kejì yìí. Ẹ ro 1 pọ̀ mọ́ 1/2, ẹ fi 1/3 kún un, ẹ fi 1/4 kún un, kí ẹ sì máa bá a lọ. Ó ń gòkè, kò sí iyèméjì. Ohun tí à ń fi kún un sì ń kéré sí i títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Kó tó lè kọjá 10, ẹ gbọ́dọ̀ ro nọ́ńbà 12,367 pọ̀. Bí ẹ bá ro mílíọ̀nù kan pọ̀, kò tíì dé 15. Ẹni tó bá fojú wò ó nìkan á búra pé ó ti dúró.

Kò dúró o. Nicole Oresme, àlùfáà ilẹ̀ Faransé kan ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ló fi hàn bẹ́ẹ̀, àìdọ́gba sì ni òun náà lò. 1/3 àti 1/4: 1/3 ju 1/4 lọ, nítorí náà àròpọ̀ wọn ju 1/4 méjì lọ, tó jẹ́ ìdajì. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé wọn, láti 1/5 dé 1/8, kò sí èyí tó kéré sí 1/8 nínú wọn, nítorí náà wọ́n ju ìdajì lọ. Mẹ́jọ tó tún tẹ̀ lé e, dé 1/16, ju ìdajì lọ bákan náà. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gùn ní ìlọ́po méjì ti èyí tó ṣáájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń mú ju ìdajì wá. Ìdajì láìlópin kò ní ààlà. Ààlà yòówù tí ẹ bá là, ọ̀wọ́ náà á fò ó lọ́jọ́ kan, bó ti wù kó pẹ́ tó. Gígòkè nìkan kò tó, àfikún tó ń kéré kò sì rọ́pò ààlà.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa òfin wa, nítorí ó ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé ní kàyéfì fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo nọ́ńbà inú ọ̀wọ́ owó wa ni a lè kọ gẹ́gẹ́ bí odidi kan lórí odidi mìíràn: 2, 9/4, 64/27, bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Euler fi hàn ní 1737 pé a kò lè kọ góńgó wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní àwọn nọ́ńbà onídàá nìkan lọ́wọ́ á rí ọ̀wọ́ tó ń gòkè, á rí ààlà, ṣùgbọ́n nígbà tó bá wo ibi tí góńgó yẹ kó wà, àlàfo ló máa bá níbẹ̀. Òfin wa dúró lórí pé ìlà nọ́ńbà kò ní àlàfo, àlàyé tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan sì ti gbà bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́, nígbà tí mo ní kí ẹ kọ àwọn nọ́ńbà tó dúró sílẹ̀ títí láé kí ẹ sì pe ohun tí ẹ kọ ní nọ́ńbà.

Ẹni tí èyí dùn jù lọ ni Richard Dedekind. Ní 1858 ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zürich. Nígbà tó dé orí òfin tí à ń sọ yìí gan-an, pé ohun tó ń pọ̀ sí i tí kò sì kọjá ààlà gbọ́dọ̀ ní góńgó, ó rí i pé yíya ìlà sára pátákó nìkan lòun lè fi ṣàlàyé rẹ̀, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn pé àwòrán ni kó gbé ẹ̀rí. Ó pinnu láti máa ronú sí i títí tí yóò fi rí ìpìlẹ̀ tó dá lórí nọ́ńbà nìkan. Ó rí i ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ṣùgbọ́n 1872 ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tó ṣe ni pé ó pín gbogbo nọ́ńbà onídàá sí ẹgbẹ́ méjì, kí gbogbo tọ̀hún kéré sí gbogbo tibí, ó sì ní ojú ibi tí a ti gé wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àlàfo á dí. Fún ọ̀wọ́ wa, ẹgbẹ́ kan ni àwọn nọ́ńbà onídàá tí owó náà kọjá nígbà kan, ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tí kò kọjá rárá. Ojú ibi tí wọ́n ti pínyà ni e.

Kí ìṣẹ́jú wa tó tán, n ó fún yín ní ọ̀wọ́ kan tí ẹ lè gbìyànjú fúnra yín lálẹ́ òní. Ẹ ro 1, 1/4, 1/9, 1/16 pọ̀, ìyẹn ìdá kan lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tí a sọ dipúpọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń gòkè. Ní ti ààlà, láti orí 1/4 lọ, àìdọ́gba tí ẹ nílò nìyí:

1/k^2 < 1/(k − 1) − 1/k

Ẹ kọ ọ́ fún k = 2, 3, 4, títí dé n, kí ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ yọ níbì kan ni ẹ ń dá padà níbi tó tẹ̀ lé e, tí gbogbo rẹ̀ fi máa ku 1 − 1/n. Ẹ fi 1 àkọ́kọ́ kún un, ọ̀wọ́ náà kò lè kọjá 2 − 1/n. n ṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé e ju 2 lọ, nítorí náà 2 jẹ́ ààlà.

Bernoulli mọ èyí ní 1689. Ó mọ̀ pé góńgó wà, ó mọ̀ pé kò kọjá 2, ṣùgbọ́n kò mọ iye tó jẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá rí i, kó jọ̀wọ́ fi tó òun létí. Kò rí ìdáhùn títí tó fi kú ní 1705. Ní 1707 ni wọ́n bí Euler ní Basel, ní 1734 ló sì rí i: 1.644934 àti díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́fà ti nọ́ńbà tí a fi ń wọn òbírí, tí a sọ dipúpọ̀ fúnra rẹ̀, π^2/6.